Bí ẹni yín bá tọrọ káàdì tàbí owó lójijì lórí WhatsApp: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òun gan-an ni

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí n tó dìde lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí WhatsApp mi láti ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó mi:

«Báwo ni? Ṣé o ti jí? Jọ̀ọ́, ràn mí lọ́wọ́ kíákíá. Áàpù báńkì mi kò ṣiṣẹ́ láti alẹ́ àná. Bá mi ra káàdì sórí nọ́ńbà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ yìí, màá dá owó rẹ padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.»

Àwòrán rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì jọ sọ lọ́jọ́ Ẹtì ló wà lókè rẹ̀ gan-an. Ǹ bá ti ra káàdì náà bí kì í bá ṣe ti ohun kan péré: ọmọ náà kò sọ «o» sí mi rí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàwó, «Bùrọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ sà» ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí inú bá ń bí i sí mi. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ̀ pé àgbà rẹ̀ ni mo jẹ́.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, àtohun tí kò yẹ kí n ṣe níbẹ̀, ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí olè ṣe ń wọ inú akáǹtì, nítorí ibẹ̀ la ti máa mọ irú àyẹ̀wò tó wúlò àtèyí tí kò wúlò.

Ọ̀nà méjì tí olè ń gbà wọlé

Ọ̀nà kìíní ni kí olè fi nọ́ńbà onínọ́ńbà forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Bó bá ti tẹ nọ́ńbà náà sínú WhatsApp, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà á wọlé nípa àtẹ̀jíṣẹ́ sórí síìmù ẹni tó ni akáǹtì. Kóòdù yẹn nìkan ló ṣẹ́kù tí olè ń wá. Ó máa ń lo akáǹtì ẹlòmíràn tó ti jí tẹ́lẹ̀ láti fi bẹ onítọ̀hún: «Mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́ wá.» Bí onítọ̀hún bá kọ ọ́, WhatsApp á jáde lórí fóònù tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì ṣí lọ́dọ̀ olè. Bí ó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kejì nìyẹn, bí iná inú pápá. Lọ́nà yìí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í bá olè lọ. Ṣùgbọ́n àwọn gúrúùpù tí onítọ̀hún wà nínú wọn á wà níbẹ̀, nọ́ńbà gbogbo ọmọ gúrúùpù á sì wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ á máa bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí kì í tètè hàn. WhatsApp fàyè gba ènìyàn láti so akáǹtì rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù míràn, tó fi dé mẹ́rin. Olè lè fi ẹ̀tàn mú kí ẹnìkan so akáǹtì rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ti olè: á ní kó wá dìbò fún ọmọ òun nínú ìdíje kan, á fi ìlìǹkì ránṣẹ́, ojú ìwé náà á béèrè nọ́ńbà fóònù, á sì fún un ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ pé kó tẹ̀ ẹ́ sínú WhatsApp rẹ̀ láti fi hàn pé ènìyàn ni. Bó ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti ṣílẹ̀kùn. Akáǹtì ò jáde lórí fóònù ẹni tó ni ín, ó ń lò ó lọ bó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, olè náà ń lò ó. Èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ti pé olè lè ka ohun tí ẹ ti jọ sọ sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé «Bùrọ̀dá mi» ló ń pè mí, ó mọ̀ pé «ẹ» ló ń lò. Bó bá jẹ́ ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà mú àbúrò ìyàwó mi, «ẹ káàárọ̀ sà» ni ǹ bá rí.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá dún bí ẹni tí ẹ mọ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Bí kò bá dún bí ẹni náà, ẹ ti rí ohun tó yẹ kó dá yín dúró. Ọ̀rẹ́ kò lè mọ ọ̀nà tí olè gbà wọlé, kí ó kàn ṣe bí ẹni pé olè ń ka gbogbo rẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má bi WhatsApp léèrè nípa WhatsApp

Àṣìṣe tèmi nìyí. Mo kọ̀wé sí i níbẹ̀ pé «Ṣé ìwọ ni?» Ó dáhùn pé «Èmi ni o, kí ló dé?» Kí ni mo rò pé olè máa sọ? Mo tún pè é lórí WhatsApp. Ó gé e. Ó kọ ọ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ibi tóun wà kò dára, pé kí n sáà máa kọ̀wé. Nẹ́tíwọ̀kì tó gbé ọ̀rọ̀ wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò wá lè gbé ìpè.

Ìpè orí WhatsApp kì í lọ sórí síìmù. Ibi tí akáǹtì bá wà ló ń lọ. Bí akáǹtì bá wà lọ́wọ́ olè, olè lẹ ń pè. Ohùn àgbàsílẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́ níbí náà: olè tó bá rí ohùn onítọ̀hún tó ti wà nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ lè fi ránṣẹ́ padà, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é» sì bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu. Ayédèrú ohùn pàápàá ti ṣeé ṣe fún ẹni tó bá ní ohùn onítọ̀hún díẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìdáhùn. Bí ẹ bá ti dáhùn, ó ti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kíákíá tó ń kọ á sì di ìlọ́po méjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pe síìmù rẹ̀

Ẹ jáde nínú WhatsApp pátápátá, kí ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń pe ènìyàn lásán lórí fóònù yín, kí ẹ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tipẹ́ ni kí ẹ pè. Bó bá jẹ́ Facebook tàbí Instagram ni wọ́n ti kọ̀wé, tí ẹni náà wá ní «nọ́ńbà mi tuntun nìyí, pè mí lórí ẹ̀», ẹ má pe ìyẹn, olè ló fi í sílẹ̀ dè yín.

Bó bá gbé e, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Ṣé o ní kí n fi owó ránṣẹ́?» Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ kí i bí ẹ ṣe máa ń kí i. Ẹ wá bi í pé: «Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ láàárọ̀ yìí?» Ẹni tó tọrọ owó á mọ ohun tó tọrọ. Ẹni tí kò tọrọ á ní kí ló ṣẹlẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ìpè síìmù náà ṣeé darí. Olè lè ti tan onítọ̀hún pé kó tẹ kóòdù kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, tí nọ́ńbà olè wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìpè tó yẹ kó dún lọ́dọ̀ onítọ̀hún lọ́dọ̀ olè ni yóò máa dún. Èyí ló jẹ́ kí olè lè gba kóòdù WhatsApp nígbà tí WhatsApp bá fi ìpè sọ ọ́ dípò àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ẹ bá pe síìmù, tí ohùn àjèjì gbé e, tàbí tí ẹnìkan gbé e tó kàn ń kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ò lè sọ̀rọ̀ sókè, ẹ má ka ìpè yẹn sí ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí síìmù náà bá ti kú láti òwúrọ̀ láìnídìí: wọ́n lè ti gba nọ́ńbà náà sórí síìmù míràn. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pe ẹni tó wà nítòsí rẹ̀

Bí kò bá gbé e, ẹ pe ìyàwó rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé tàbí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ kéré: níbo ló wà báyìí, ṣé ara rẹ̀ le, kí wọ́n sì gbé fóònù fún un. Èyí ló ń dá mi lójú jù nínú gbogbo àyẹ̀wò, nítorí olè tó gba akáǹtì ẹnìkan kò lè gba ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọkàn yín á máa sọ pé tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́, tó bá wà nílé ìwòsàn lóòótọ́. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ẹ wò ó báyìí: ẹni tó wà nílé ìwòsàn ní ẹni tó gbé e débẹ̀, ó ní dókítà, ó ní nọ́ọ̀sì, fóònù sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ fi wá ẹbí rẹ̀ kò ní pa á lára, ó tiẹ̀ lè mú olùrànlọ́wọ́ tó súnmọ́ ọn jù yín lọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olè nìkan ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ni akáǹtì ń bọ̀ wá gbà á padà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi fẹ́ràn káàdì ìpè. Owó inú báńkì lè dúró díẹ̀ kí wọ́n tó kó o jáde, ṣùgbọ́n káàdì tó bá ti wọ orí síìmù, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí kò bá sí ọ̀nà míràn ju ìbéèrè lọ

Nígbà míràn ẹni náà wà lókè òkun, kò sí nọ́ńbà rẹ̀ míràn lọ́wọ́ yín, ẹ kò mọ ará ilé rẹ̀. Ẹ lè bi í ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí lórí fóònù rárá. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà lórí Facebook. Orúkọ ọmọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kí i nígbà ìkómọ. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín wà lára orúkọ gúrúùpù. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì fojú rí tí ẹ kò sì kọ sílẹ̀ rí ló dára: kí ni ìyá rẹ máa ń pè mí bí mo bá wá sílé yín? Ta ló bọ́ sínú gọ́tà lọ́jọ́ tí a ń sá fún òjò?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó ní irọ́ nínú. Mo lò ó lọ́jọ́ Àìkú yẹn lẹ́yìn tí mo ti dá a lóhùn láìronú, nígbà tí síìmù àbúrò ìyàwó mi ń dún tí kò gbé e. Mo kọ ọ́ pé: «Ó dáa, mo ń wá owó. Ṣùgbọ́n ṣé màmá ti rí àpótí aláwọ̀ ewé tí mo fi rán ọ sí wọn?» Mi ò rán an ní àpótí kankan rí. Kò pẹ́ rárá tí ìdáhùn fi dé: «Bẹ́ẹ̀ni, wọ́n ti rí i, wọ́n ní o ṣeun. Jọ̀ọ́, káàdì náà ńkọ́?»

Ẹni tó ni akáǹtì á béèrè pé àpótí wo. Olè kò lè béèrè, nítorí bó bá béèrè, ó lè jẹ́ ohun tó yẹ kí òun mọ̀. Gbígbà ló máa ń gbà. Ẹ rántí pé ìhà kan ṣoṣo ni ìbéèrè yìí ń ṣiṣẹ́ sí: ẹni tó bá gba irọ́ yín gbọ́, ẹ ti mú un, ẹni tó bá ní «àpótí wo?» kò tíì yege, ó lè jẹ́ olè tó gbọ́n. Owó ò tíì gbọdọ̀ jáde.

Ìpè fídíò ràn wá lọ́wọ́ bó bá pẹ́ tó, tí ẹ sì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Fídíò tí ojú rẹ̀ yọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láìsí ohùn, tó wá gé, fídíò àtijọ́ ni wọ́n lè fi ṣe é. Ẹ ní kó fọwọ́ bo etí òsì, kó sì pe orúkọ tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀.

Lórí àwọn àmì tí WhatsApp fúnra rẹ̀ ń fi hàn, ọ̀kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá ti tan ìkìlọ̀ ààbò nínú Settings, ní Account, lábẹ́ Security notifications, ọ̀rọ̀ kékeré kan á yọ láàrin ìjíròrò yín pé security code ẹni náà ti yí padà nígbà tí akáǹtì rẹ̀ bá bọ́ sórí fóònù míràn. Bí ìyẹn bá wà lókè ọ̀rọ̀ tó ń tọrọ owó, ẹ fura gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra fóònù tuntun náà á mú un yọ, bẹ́ẹ̀ ni olè tó gba ọ̀nà kejì lè má mú un yọ rárá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bó bá tilẹ̀ jẹ́ òun, ẹ wo ibi tí owó ń lọ

Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, tó sì ní òótọ́ ni òun nílò owó, kó pe nọ́ńbà akáǹtì báńkì rẹ̀ fún yín lẹ́nu lórí síìmù. Ẹ má ṣe mú un látinú WhatsApp. Kí ẹ tó fi owó náà ránṣẹ́, áàpù báńkì máa ń fi orúkọ ẹni tó ni akáǹtì hàn yín. Bí orúkọ náà bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, «akáǹtì ọ̀rẹ́ mi ni», «akáǹtì dókítà ni», ẹ dúró kí ẹ tún pè é. Káàdì náà, orí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ mọ́ ọn ni kí ó wọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti rí i pé olè ni

Síìmù àbúrò ìyàwó mi wọlé nígbà kẹta. Ó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ ni kò fi gbọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í ni pé: «Ṣí WhatsApp rẹ báyìí, kí lo rí?» Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ń sọ ọ̀nà tí olè gbà wọlé, àtohun tó kàn láti ṣe.

Ó ní ó ti jáde láti òru, ó ń béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ òun, òun rò pé ó fẹ́ ṣe àtúnṣe ni. Ọ̀nà kìíní nìyẹn. Mo ní kó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, kó gba kóòdù mẹ́fà tó máa wá sórí síìmù rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́. Bó ti tẹ̀ ẹ́, olè ti jáde lójú ẹsẹ̀. WhatsApp tún béèrè PIN tí kò mọ̀, nítorí olè ti tan Two-step verification, ìyẹn PIN tí WhatsApp ń béèrè lẹ́yìn kóòdù mẹ́fà náà. Àyà rẹ̀ já. Àmọ́ kóòdù tó tẹ̀ yẹn ti lé olè jáde, ì báà mọ PIN, ì báà má mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méje ló kàn ní láti dúró kó tó lè wọlé láìsí PIN náà. Nínú ọjọ́ méje yẹn, kò sí ẹni tó ń lo akáǹtì náà.

Ká ní ó ti sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, pé òun tiẹ̀ ń rí ọ̀rọ̀ tí òun kò kọ nínú rẹ̀, ọ̀nà kejì nìyẹn. Kó lọ sí Settings bó bá jẹ́ iPhone, tàbí kó tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè bó bá jẹ́ Android, kó ṣí Linked devices, kó fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀rọ tí kò bá mọ̀, kó sì tẹ Log out. Lẹ́yìn náà kó wọ Account nínú Settings, kó tan Two-step verification pẹ̀lú PIN tirẹ̀. Ẹni tó bá fura pé wọ́n ti darí ìpè òun, kó tẹ èyí bí ẹni fẹ́ pe ènìyàn; yóò fi hàn án bóyá ìpè rẹ̀ ń lọ síbòmíràn:

```
*#21#
```

Èyí sì ń pa ìdarí gbogbo rẹ́:

```
##002#
```

Ti Facebook, facebook.com/hacked ni kó lọ. Ti Instagram, instagram.com/hacked.

Ní tiyín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ olè náà pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ kó tó parẹ́. Ẹ pe àwọn alábòójútó gúrúùpù tí ẹ jọ wà nínú wọn, kí wọ́n yọ nọ́ńbà náà kúrò títí yóò fi padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Gúrúùpù ẹbí ni olè ti rí nọ́ńbà mi. Ẹ má kàn kọ ìkìlọ̀ sínú gúrúùpù kí ẹ máa lọ, olè wà níbẹ̀ tó ń kà á, ó sì lè fèsì pé «ẹ má dá a lóhùn, èmi nìyí». Ẹ pe àwọn àgbàlagbà lórí síìmù, nítorí àwọn ló ń tètè fi owó ránṣẹ́, àánú ń ṣe wọ́n.

Àbúrò bàbá ìyàwó mi ti fi owó ránṣẹ́ kí n tó pè wọ́n. Mo ní kí wọ́n pe báńkì tiwọn ní ìṣẹ́jú yẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n sọ àkókò, iye àti orúkọ tó wà lórí ríìsíìtì, kí wọ́n sì ní jìbìtì ni. Báńkì lè bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ láti di owó náà mú bí kò bá tíì jáde. Bó bá ti jáde, ó ṣòro. Wọ́n tún gbé ríìsíìtì náà àti àwòrán ọ̀rọ̀ olè lọ fún àwọn ọlọ́pàá.

Bí mo ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní: «Ó tún ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà kan tó wọlé sórí fóònù mi fún òun.» Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti kà á. Wọ́n ní wọn ò rí ìgò ojú wọn ni, wọ́n ń wá a nígbà tí fóònù dún.